Bí A Ṣe Ń Kọ Lẹ́tà Tó Ń Sọ Fún Oníbàárà Pé Wáráńtì Kò Bo Ìbàjẹ́ Yìí

Ìbéèrè: “Ẹ kú iṣẹ́ o, ọ̀gá wa. Bátìrì ínfátà ni a ń kó fún àwọn ilé-iṣẹ́. Oníbàárà wa kan tó ti pẹ́ dá bátìrì mẹ́rin padà, 12 fóltì, 200 áńpù-wákàtí, irú èyí tí wọ́n ń bu omi sí. Oṣù 14 ló lò wọ́n, oṣù 24 sì ni wáráńtì wa. Ọmọ iṣẹ́ wa yẹ̀ wọ́n wò, ó ní omi ti gbẹ nínú wọn. Ọ̀gá mi ní kí n kọ̀wé pé a kò ní pààrọ̀ wọn, ṣùgbọ́n kí n kọ ọ́ tọ̀wọ̀tọ̀wọ̀, kí oníbàárà má bàa sá mọ́ wa lọ́wọ́. Kí ni kí n kọ, kí sì ni a lè fi lọ̀ wọ́n dípò bátìrì tuntun?”

Ẹ má tíì gbé kálámù. Ọ̀wọ̀ inú irú lẹ́tà yìí kò ṣòro. Ìdí tí ẹ fẹ́ gbé e lé ló máa ń yẹ̀. “Omi ti gbẹ” jẹ́ ohun tí ọmọ iṣẹ́ yín fi ojú rí, kò tíì sọ ohun tó gbẹ ẹ́. Omi lè gbẹ nítorí pé kò sẹ́ni tó bu òmíràn sí i. Ó lè gbẹ nítorí pé ṣájà ń ti iná púpọ̀ jù sínú bátìrì láti àárọ̀ dalẹ́. Ó tún lè gbẹ nítorí pé sẹ́ẹ̀lì kan nínú bátìrì mẹ́rẹ̀ẹ̀rin ti kú láti ilé-iṣẹ́ tó ṣe é, tó wá ti ìyà rẹ̀ sí àwọn tó kù lọ́rùn. Ti oníbàárà ni àkọ́kọ́. Ìkejì jẹ́ ti ẹni tó ṣètò ṣájà náà. Ìkẹta, ẹ̀yin gan-an ló ni ín. Bí ẹ bá kọ̀wé pé omi gbẹ, tí ẹ sì dúró síbẹ̀, oníbàárà tó bá ní oníná tó mọṣẹ́ lẹ́gbẹ̀ẹ́ yóò kàn bi yín pé “kí ló gbẹ ẹ?”, ẹ kò sì ní rí èsì fún un.

Ẹ jẹ́ kí n kọ́kọ́ ṣàlàyé bí omi ṣe ń jáde, torí ibẹ̀ ni gbogbo lẹ́tà náà dúró lé. Nígbà tí bátìrì bá ti kún, tí ṣájà kò sì dáwọ́ dúró, iná tó ń wọlé kò ríbi lọ mọ́. Omi inú bátìrì ni yóò máa tú ká sí gáàsì, gáàsì náà yóò sì gba orí ìdérí jáde. Ásíìdì kì í bá a lọ, omi nìkan ló ń lọ. Ìdí nìyẹn tó fi jẹ́ pé omi bátìrì nìkan ni a ń bù sí i, a kì í tún ásíìdì bù. Lójú iṣẹ́ tó tọ́, díẹ̀díẹ̀ ni omi yìí ń dín. Ọ̀pọ̀ bátìrì olómi tó jẹ́ 12 fóltì ni wọ́n máa ń fi nǹkan bíi 14.4 fóltì kún, tí ṣájà yóò sì wálẹ̀ sí nǹkan bíi 13.5 sí 13.8 láti kàn máa gbé e dúró bẹ́ẹ̀. Iye tí olùṣe kọ sínú ìwé tirẹ̀ ni kí ẹ fi ṣe òdinwọ̀n, torí kì í ṣe gbogbo wọn ló bá ara mu. Bí ṣájà kò bá wálẹ̀, tó dúró sí 14.4 tọ̀sán tòru, omi tó yẹ kó pẹ́ kó tó dín yóò wálẹ̀ kíákíá, ẹni tó ń bomi sí i lójú ọjọ́ gan-an lè má lè bá a mu.

Nítorí náà, ẹ rán ẹnì kan lọ sọ́dọ̀ oníbàárà kí ẹ tó kọ ohunkóhun. Kí ó lọ lásìkò tí iná ti wà fún wákàtí mélòó kan, tí bátìrì tí wọ́n bá ń lò níbẹ̀ báyìí ti kún, kí ó gbé mítà lé orí gbogbo ìdìpọ̀ bátìrì náà. Mẹ́rin ni wọ́n, mo sì gbà pé ẹ so wọ́n tẹ̀lé ara wọn sí 48 fóltì. Ohun tó yẹ kó rí lásìkò yẹn jẹ́ nǹkan bíi 54.4, ìyẹn 13.6 lọ́nà mẹ́rin. Bó bá bá 57.6 níbẹ̀, tí kò sì wálẹ̀ lẹ́yìn tó dúró dè é, ó ti rí ohun tó ń gbẹ omi. Kí ó ya àwòrán ojú mítà, kí ó tún ya àwòrán ojú ínfátà níbi tó kọ `Float` sí, ìyẹn fóltì tó fi ń gbé bátìrì tó ti kún dúró, nọ́ńbà tó wà níbẹ̀ kó hàn kedere. Kí ó sì fi sùúrù béèrè ẹni tó ṣètò rẹ̀. Bí ó bá jẹ́ pé òṣìṣẹ́ yín ló fi ọwọ́ ara rẹ̀ tẹ nọ́ńbà yẹn sí i lọ́jọ́ tí wọ́n gbé bátìrì wọlé, ọ̀rọ̀ lẹ́tà ìkọ̀sílẹ̀ ti parí nìyẹn. Ẹ lọ bá ọ̀gá yín pé ẹ̀yin ni ẹ jẹbi, kí ẹ jọ wo bí ẹ ó ṣe pààrọ̀ wọn.

Àyẹ̀wò kejì wà lórí bátìrì fúnra rẹ̀, ibẹ̀ sì ni mo ti máa ń rí àṣìṣe jù nínú ìwé àwọn ọmọ iṣẹ́. Wọ́n á ṣí ìdérí, wọ́n á rí i pé omi lọ sílẹ̀, wọ́n á bu omi kún un, wọ́n á sì ki haidrómítà, ohun tí a fi ń wọn bí ásíìdì ṣe ki tó, bọ̀ ọ́ lójú ẹsẹ̀. Nọ́ńbà tí wọ́n bá kọ sílẹ̀ nígbà yẹn kò wúlò fún ẹnikẹ́ni. Kí wọ́n tó bu omi sí i, ásíìdì tó ṣẹ́kù ti ki jù, yóò máa fi bátìrì hàn bí ẹni pé ó lágbára. Bí wọ́n ti bu omi sí i tán, omi tuntun náà ṣì wà lókè, kò tíì dàpọ̀, yóò sì fi bátìrì hàn bí òkú. Ohun tó tọ́ ni pé kí wọ́n bu omi sí i títí yóò fi bo orí pélétì òjé inú rẹ̀, kí wọ́n fi ṣájà tó dára kún un, kí wọ́n máa wọ̀n ọ́n ní wákàtí wákàtí títí nọ́ńbà yóò fi dúró sójú kan ní ẹ̀ẹ̀mẹta léra wọn, kí wọ́n jẹ́ kó sinmi, kí wọ́n tó wá wọn ihò kọ̀ọ̀kan. Ihò mẹ́fà ló wà lórí bátìrì kan, ọ̀kan fún sẹ́ẹ̀lì kọ̀ọ̀kan, mẹ́rin sì fún yín ní ihò 24. Nọ́ńbà 24 ni kí ẹ rí nínú ìwé náà, ẹ má gbà kí wọ́n kọ “gbogbo rẹ̀ lọ sílẹ̀.”

Bí àwọn nọ́ńbà náà ṣe jọ ara wọn tàbí bí wọn kò ṣe jọ ni yóò sọ òótọ́ fún yín. Bátìrì olómi tó kún dáadáa máa ń wà láàárín 1.240 sí 1.280, bí olùṣe bá ṣe fẹ́ ẹ. Bí gbogbo ihò 24 bá lọ sílẹ̀, tí wọ́n sì lọ sílẹ̀ bákan náà, bí àpẹẹrẹ láti 1.170 sí 1.190, ọ̀nà tí wọ́n gbà lò ó ló fà á. Kò wọ́pọ̀ kí àbùkù ilé-iṣẹ́ pín ara rẹ̀ dọ́gba láàárín sẹ́ẹ̀lì 24. Ṣùgbọ́n bí ihò márùn-ún bá wà ní 1.250, tí ìkẹfà sì wà ní 1.120, ẹ dúró. Ìyàtọ̀ tó bá ti tó 0.050 láàárín ihò kan àti àwọn ẹgbẹ́ rẹ̀ jẹ́ àmì pé sẹ́ẹ̀lì yẹn ní àrùn nínú, ó sì yẹ kí ẹ gba bátìrì yẹn sí ọrùn ara yín.

Kò sì ní parí sórí bátìrì kan ṣoṣo yẹn. Ṣájà kò mọ̀ pé sẹ́ẹ̀lì kan ti kú. Fóltì 57.6 tó yẹ kó pín fún sẹ́ẹ̀lì 24, tí ọ̀kọ̀ọ̀kan ì bá gba 2.40, yóò wá pín in fún 23, ọ̀kọ̀ọ̀kan yóò sì gba 2.50. Àwọn bátìrì mẹ́ta tó kù yóò máa hó, omi wọn yóò máa lọ, wọn yóò sì gbẹ ju bó ṣe yẹ lọ. Bí ọ̀rọ̀ bá rí báyìí, omi gbígbẹ tí ẹ fẹ́ fi kọ ẹ̀sùn wọn sílẹ̀ lè jẹ́ iṣẹ́ ọjà yín fúnra rẹ̀. Ẹ rí ìdí tí mo fi ní kí ẹ má tíì gbé kálámù.

Ìdánwò ìkẹyìn ni pé kí wọ́n fi ẹrù sí i. 200 áńpù-wákàtí tí wọ́n kọ sára rẹ̀ sábà máa ń túmọ̀ sí pé yóò gbé áńpù 10 fún wákàtí 20 kó tó wálẹ̀ sí 10.5 fóltì. Bí èyí tó dára jù nínú mẹ́rẹ̀ẹ̀rin bá gbé wákàtí 9 péré, 90 áńpù-wákàtí ló kù nínú rẹ̀, kò tó ìlàjì. Nọ́ńbà yìí ni oníbàárà tí kì í ṣe oníná yóò yé jù, torí òun náà ti rí i pé iná kì í pẹ́ mọ́ lálẹ́.

Ẹ jẹ́ ká sọ pé ẹ ti ṣe gbogbo èyí, pé nọ́ńbà 24 náà dọ́gba, pé mítà ka 57.5 láìwálẹ̀, pé oníná tí oníbàárà fúnra rẹ̀ mú wá ló ṣètò ínfátà, àti pé ìwé ìtọ́jú bátìrì wà nínú àwọn ìwé tí wọ́n fọwọ́ sí lọ́jọ́ tí wọ́n gba ọjà. Bí mo ṣe máa kọ ọ́ nìyí:

“Sí Ọ̀gá tó ń mójú tó ohun èlò. Ọ̀rọ̀ lórí bátìrì mẹ́rin, 12 fóltì, 200 áńpù-wákàtí, tí nọ́ńbà ara wọn wà nínú ìwé àyẹ̀wò tí a fi pẹ̀lú lẹ́tà yìí.

Ẹ kú iṣẹ́ o. A dúpẹ́ pé ẹ tètè fi tó wa létí, a sì dúpẹ́ pé ẹ gba òṣìṣẹ́ wa láàyè láti wá wo ẹ̀rọ yín. A ti yẹ bátìrì mẹ́rẹ̀ẹ̀rin wò tán.

Ìbàjẹ́ tí a bá lára wọn kò sí nínú èyí tí wáráńtì wa bò, nítorí náà a kò ní lè pààrọ̀ wọn lọ́fẹ̀ẹ́. A mọ̀ pé èyí kọ́ ni èsì tí ẹ ń retí, a sì fẹ́ kí ẹ rí ohun tí a rí.

Nínú bátìrì kọ̀ọ̀kan, omi ti wálẹ̀ kọjá orí pélétì, apá òkè pélétì tó yọ síta sì ti funfun, ó ti le. A bu omi sí wọn, a fi ṣájà kún wọn, a jẹ́ kí wọ́n sinmi, a sì wọn ihò 24. Gbogbo wọn wà láàárín 1.170 sí 1.190, kò sí ọ̀kan tó yà sọ́tọ̀. Bó bá jẹ́ pé àbùkù wà láti ilé-iṣẹ́, sẹ́ẹ̀lì kan tàbí méjì ni a ì bá rí tó yàtọ̀ sí àwọn ẹgbẹ́ rẹ̀. Ní ibi iṣẹ́ yín, mítà ka 57.5 fóltì lórí bátìrì tó ti kún, kò sì wálẹ̀ ní gbogbo àsìkò tí òṣìṣẹ́ wa fi wà níbẹ̀. Ìwé ìtọ́jú bátìrì yìí ní kó wálẹ̀ sí nǹkan bíi 54.4. Ní iye tó wà yẹn, omi ń yára lọ ju bí ìtọ́jú tó wọ́pọ̀ ṣe lè dá a padà lọ. Àwọn àwòrán àti gbogbo nọ́ńbà wà nínú ìwé àyẹ̀wò.

Ìpín 5 nínú ìwé wáráńtì sọ pé: ‘Wáráńtì yìí kò bo bátìrì tí omi inú rẹ̀ bá wálẹ̀ kọjá orí pélétì, tàbí tí a bá fi fóltì tó ju èyí tí a kọ sínú ìwé ìtọ́jú lọ gbé e ró.’

Ohun tí a lè ṣe fún yín nìyí. A ṣe tán láti gba bátìrì mẹ́rẹ̀ẹ̀rin ní iye òjé inú wọn, kí a yọ ọ́ kúrò lára owó mẹ́rin tuntun, kí a sì tún dín ìdá 10 nínú ọgọ́rùn-ún kù lára èyí tó kù nítorí àjọṣe wa. Bí ẹ bá gbà bẹ́ẹ̀, òṣìṣẹ́ wa yóò bá yín tún ínfátà ṣètò lọ́jọ́ tí a bá gbé wọn wá, a kò sì ní gba owó iṣẹ́ yẹn. Bí ẹ bá fẹ́ kí ẹlòmíràn tí kì í ṣe ti yín, tí kì í sì í ṣe tiwa, yẹ̀ wọ́n wò, a gbà bẹ́ẹ̀. Bó bá rí àbùkù ilé-iṣẹ́, àwa ni yóò san owó àyẹ̀wò náà, a ó sì pààrọ̀ bátìrì. Bí kò bá rí i, ẹ̀yin ni yóò san án.

A ó fi bátìrì mẹ́rẹ̀ẹ̀rin pamọ́ fún ọjọ́ 30 láti ọjọ́ tí a kọ lẹ́tà yìí, ìrànlọ́wọ́ tí a kọ sókè yìí sì wà títí di ọjọ́ yẹn. Ohun tí a fi lọ̀ yín yìí wá láti inú àjọṣe wa, kò yí ìpinnu wa lórí wáráńtì padà. Bí ohun kan bá wà tí a kò mọ̀ nípa bí ẹ ṣe lo bátìrì wọ̀nyí, ẹ jọ̀wọ́ ẹ fi tó wa létí, a ó tún un wò. Àwa ni tiyín ní tòótọ́.”

Ẹ wo ibi tí ìpinnu wà. Lẹ́yìn ìkíni lẹ́sẹ̀kẹsẹ̀ ni. Ọ̀pọ̀ ló máa ń rò pé ọ̀wọ̀ ni kí a yí ọ̀rọ̀ po títí dé ìsàlẹ̀ kí a tó sọ “rárá”. Ẹni tó ń kà á yóò ti máa retí bátìrì tuntun bó ṣe ń ka ìyìn àti àlàyé lọ, nígbà tó bá wá dé ìdí lẹ́tà, inú rẹ̀ yóò bàjẹ́ ju bó ṣe yẹ lọ. Ẹ sọ ọ́ ní gbólóhùn kan, ní ohùn jẹ́jẹ́, kí ẹ má sì sọ ọ́ lẹ́ẹ̀mejì.

Ẹ tún wò ó pé kò síbi tí mo ti kọ “ẹ kò bu omi sí i.” “Omi ti wálẹ̀” ni mo kọ. Ẹ kò sí níbẹ̀, ẹ kò mọ̀ bóyá wọ́n bù ú tàbí wọn kò bù ú, mítà ẹ̀rọ sì fi hàn pé wọ́n lè máa bù ú kó tún máa gbẹ. Ẹni tí ẹ bá fẹ̀sùn kàn yóò fi gbogbo agbára gbèjà ara rẹ̀, ìjà yóò sì kúrò lórí bátìrì, yóò di ti ẹni tó ń purọ́. Oníná tí wọ́n mú wá náà, mi ò dárúkọ rẹ̀. Bóyá àbúrò ọ̀gá ibẹ̀ ni. Ẹ jẹ́ kí nọ́ńbà 57.5 sọ tirẹ̀, àwọn fúnra wọn ni yóò lọ bi í.

Ìdí kan ṣoṣo ni mo sì gbé e lé. Mo mọ̀ pé ó máa ń wu àwọn ọ̀gá láti fi òmíràn kún un: pé yàrá bátìrì gbóná, pé orí bátìrì dọ̀tí, pé wọn kò mú ìwé owó wá lásìkò. Gbogbo rẹ̀ lè jẹ́ òótọ́. Ṣùgbọ́n bí ẹ bá to ìdí mẹ́rin, oníbàárà yóò wá èyí tó rọ jù nínú wọn, yóò jà á títí yóò fi borí, lójú tirẹ̀ ó ti borí gbogbo yòókù nìyẹn. Bákan náà ni gbólóhùn “gẹ́gẹ́ bí ìlànà ilé-iṣẹ́ wa”. Kò sọ nǹkan kan fún ẹni tí owó rẹ̀ ṣòfò. Ẹ da ọ̀rọ̀ inú ìwé wáráńtì yín kọ bó ṣe wà gan-an, pẹ̀lú nọ́ńbà ìpín rẹ̀. Èyí tí mo kọ sókè jẹ́ àpẹẹrẹ lásán. Bí ẹ bá wò ó tí kò sí irú ọ̀rọ̀ bẹ́ẹ̀ nínú ti yín, tó kàn sọ pé “ìlòkulò” láìṣàlàyé, ẹ ó nílò ìwé ìtọ́jú olùṣe láti gbè yín, ọ̀rọ̀ yín kò sì ní fẹsẹ̀ múlẹ̀ tó bẹ́ẹ̀.

Ní ti ohun tí ẹ lè fi lọ̀ wọ́n, iye òjé ló dára jù, torí ó jẹ́ owó gidi tí ẹ ó rí gbà padà lọ́wọ́ àwọn tó ń ra bátìrì tó ti kú. Kò ná yín ní nǹkan púpọ̀, oníbàárà kò sì ní rò pé ẹ ń ṣe é ní sàráà. Owó tí ẹ dín kù lórí tuntun, ẹ jẹ́ kó wá láti inú èrè tí ẹ ó jẹ lórí rẹ̀. Ètò ínfátà tí ẹ ó tún ṣe ni mo kà sí pàtàkì jù nínú gbogbo rẹ̀. Bí ẹ bá gbé mẹ́rin tuntun sórí 57.5 tí kì í wálẹ̀, lẹ́tà mìíràn ni ẹ ń dúró dè.

Ohun méjì wà tí àwọn ènìyàn máa ń fi lọ oníbàárà tí èmi kò ní fi lọ̀ wọ́n níbí. Ọ̀kan ni pé kí ẹ gbà wọ́n sílé, kí ẹ fi ṣájà líle hó wọn, kí ẹ gba owó iṣẹ́. Ó máa ń ran bátìrì tí kò kún dáadáa fún ìgbà díẹ̀ lọ́wọ́, tí pélétì rẹ̀ kò tíì yọ síta. Apá tó ti yọ sínú afẹ́fẹ́, tó ti funfun tó sì le, kì í padà. Ẹ ó gba owó wọn, iná yóò sunwọ̀n fún ọ̀sẹ̀ mélòó kan, lẹ́yìn náà wọn yóò padà wá bínú lẹ́ẹ̀kejì. Èkejì ni kí wọ́n ra ọ̀kan tàbí méjì tuntun dàpọ̀ mọ́ àwọn tó sàn díẹ̀ nínú ti àtijọ́. Nínú bátìrì tí a so tẹ̀lé ara wọn, èyí tó rẹ̀ jù ló ń pinnu ìgbà tí iná yóò lọ. Tuntun náà kò ní í kún bó ṣe yẹ, yóò sì gbó ṣáájú ọjọ́ rẹ̀, pẹ̀lú wáráńtì yín lórí rẹ̀.

Bátìrì tí a dé pa, tí a kì í bomi sí, lè wù yín láti dábàá. Kò burú fún ibi tí kò sẹ́ni tó máa rántí omi. Ẹ kàn rí i dájú pé wọ́n lè tún ṣájà wọn ṣe sí iye tí irú bátìrì bẹ́ẹ̀ fẹ́. Èyí tí a dé pa náà máa ń gbẹ bí fóltì bá pọ̀ jù, kò sì sí ihò tí ẹ ó gbà bu omi padà sí i.

Ó ku àwọn ibi tí lẹ́tà yìí kò ti ní dúró. Bí ẹ kò bá ní ẹ̀rí pé ìwé ìtọ́jú dé ọwọ́ wọn, mi ò ní kọ̀ ọ́ pátápátá. Oníbàárà tó ní “kò sẹ́ni tó sọ fún wa” ti mú ọ̀rọ̀ tó wúwo wá, tí ẹ kò bá sì rí ibi tí wọ́n fọwọ́ sí, ẹ jọ pín owó mẹ́rin tuntun sí méjì. Bí ẹni tó rà á bá sì jẹ́ ará ilé tó ń lò ó fúnra rẹ̀, òfin orílẹ̀-èdè rẹ̀ lè fún un ní ẹ̀tọ́ tí ìwé wáráńtì yín kò lè gbà lọ́wọ́ rẹ̀. Ní Ìṣọ̀kan Yúróòpù, bí àpẹẹrẹ, òfin tí wọ́n ṣe lọ́dún 2019 sọ pé àbùkù tó bá yọjú láàárín ọdún kan, a ó kà á sí pé ó ti wà lára ọjà láti ọjọ́ tí wọ́n ti gbé e wá, àfi bí olùtajà bá fi ẹ̀rí hàn pé kò rí bẹ́ẹ̀. Ilé-iṣẹ́ ni oníbàárà yín, oṣù 14 sì ti kọjá, ṣùgbọ́n ẹ jẹ́ kí agbẹjọ́rò wo ìwé yín kí ẹ tó sọ lẹ́tà yìí di èyí tí ẹ ń fi ránṣẹ́ sí gbogbo ènìyàn.

Ní ọjọ́ tí ẹ bá fi ránṣẹ́, ẹ pè wọ́n lórí fóònù ṣáájú, kí ẹni tí wọ́n mọ̀ lọ́dọ̀ yín sọ fún wọn pé lẹ́tà ń bọ̀ àti ohun tó wà nínú rẹ̀. Kí ó má jà lórí fóònù, kí ó má sì ṣèlérí ohun tí kò sí nínú ìwé. Àwọn bátìrì náà ńkọ́? Ẹ fi pépà lẹ̀ wọ́n lára, kí ẹ kọ nọ́ńbà ẹ̀sùn náà àti ọjọ́ tí ọgbọ̀n ọjọ́ yóò pé sí i, kí ẹ sì gbé wọn síbi tí ọmọ iṣẹ́ tó ń kó òjé tà kò ní dé. Mo ti rí i tí ilé-iṣẹ́ kan kọ lẹ́tà tó dára, tí oníbàárà ní kí ẹlòmíràn wá yẹ̀ ẹ́ wò bí lẹ́tà ṣe ní kó ṣe, tí wọ́n wá rí i pé wọ́n ti kó bátìrì náà lọ yọ́. Wọ́n pààrọ̀ gbogbo rẹ̀ lọ́fẹ̀ẹ́.